Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bi: Yíyan Ohun Tó Ń Dènà Ooru fún Kúlà àti Yàrá Ìtutù Kékeré

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, mo kí yín o. Kúlà kan ni mo gbé wá síbí lónìí. Mo ti fi ayùn la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kí ẹ lè rí inú ògiri rẹ̀. Ẹ bá mi gbé e yí ká, kí oníkálùkù fi ọwọ́ kàn án. Ohun dúdú tó wà láàárín pákó méjèèjì yẹn, tó ń rùn bí igi tó ti jẹrà, ìyẹ̀fun pákó ni, lẹ́búlẹ́bú tí ayùn máa ń tú sílẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi rọ ọ́ síbẹ̀, gbígbẹ ló sì gbẹ lọ́jọ́ tí mo rọ ọ́. Tí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀ báyìí, tí ẹ fún un, omi á kán sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tí mo kan kúlà yìí tán, nǹkan bíi kílò 8 yìnyín ló ń yọ́ nínú rẹ̀ lójúmọ́. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, ó ti tó kílò 15. Mi ò ṣí i ju bí mo ṣe ń ṣí i tẹ́lẹ̀ lọ, ibi tí mo gbé e sí náà ni ó wà. Ìdérí ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo pààrọ̀ rọ́bà etí rẹ̀, kò sí àyípadà kankan. Ìgbà tí mo wá la ògiri ni mo rí i pé ìyẹ̀fun náà ti sọ̀ kalẹ̀, ó fi àlàfo tó tó ìka mẹ́rin sílẹ̀ lókè, èyí tó wà nísàlẹ̀ sì ti mu omi yó. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí pé ohun náà ló yẹ kó pinnu èyí tí ẹ máa yàn nínú mẹ́ta yìí: fóòmù funfun tí à ń pè ní pólísítáírìn, fóòmù ìyeyè tí à ń pè ní pólíyúrétéènì, àti ìyẹ̀fun pákó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn agbára wọn nígbà tí wọ́n gbẹ. Kò sí èyí tó lè dá ooru dúró pátápátá nínú wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fà á sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tó há sínú wọn tí kò lè rìn ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Fóòmù funfun jẹ́ hóró kéékèèké tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn, tí a fi ooru lẹ̀ pọ̀. Fóòmù ìyeyè, irú èyí tó wà láàárín ògiri fíríìjì, ihò tíntìntín tó dé pinpin ló wà nínú rẹ̀, gáàsì kan tó tún dára ju afẹ́fẹ́ lọ ni wọ́n sì fi kún un. Ní ti ìyẹ̀fun pákó, afẹ́fẹ́ wà láàárín ẹyọ kan àti èkejì, ó sì tún wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ń wọn nǹkan wọ̀nyí máa ń fi iye kan sọ bí ooru ṣe ń gba inú nǹkan kọjá sí. Bí iye náà bá ṣe kéré sí ni nǹkan náà ṣe dára sí. Ti fóòmù ìyeyè sún mọ́ 0.025, ti fóòmù funfun sún mọ́ 0.036, ti ìyẹ̀fun pákó tó gbẹ dáadáa wà ní nǹkan bíi 0.07. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ń kan kúlà ni pé iṣẹ́ tí sẹ̀ǹtímítà 5 fóòmù ìyeyè máa ṣe, fóòmù funfun nílò 7 kó tó lè ṣe é, ìyẹ̀fun pákó sì nílò 14. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, à bá kàn mú rúlà ká sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi kúlà kan ṣe àpẹẹrẹ. Inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 40, ó jìn ní 40, ó sì lè gba lítà 96. Ìwọ̀n ooru ìta jẹ́ 32, yìnyín sì mú kí inú rẹ̀ wà ní 2, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 30. Kí kílò yìnyín kan tó yọ́ di omi, ó gbọ́dọ̀ fa kílòjúùlù 334 mọ́ra, èyí ló jẹ́ ká lè sọ ooru tó ń wọlé di iye yìnyín. Tí ògiri bá jẹ́ fóòmù funfun tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, ooru tó ń wọlé á tó wáàtì 34, nǹkan bíi kílò 9 yìnyín á sì yọ́ lójúmọ́. Ní fóòmù ìyeyè tó nípọn bákan náà, kílò 6 ni. Ní ìyẹ̀fun pákó tó nípọn bákan náà, kílò 17 ni. Ti ògiri nìkan nìyẹn o, a ò tíì ka ìgbà tí èèyàn ń ṣí ìdérí, a ò sì tíì ka ẹrù gbígbóná tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀.

Ẹnì kan á wá ní kí á kúkú fi kún ìyẹ̀fun náà. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Mo fi sẹ̀ǹtímítà 15 sí i, lóòótọ́ ló sì bọ́ sí kílò 8 lójúmọ́, ó tiẹ̀ dára díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 fóòmù funfun lọ. Àmọ́ ẹ wo bí kúlà náà ṣe tóbi tó. Inú rẹ̀ ò yí padà, síbẹ̀ ìta rẹ̀ ti di 90 sí 70 sí 70, àyè tó ń gbà ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti fóòmù lọ. Ìyẹ̀fun tó wọ inú ògiri rẹ̀ á tó nǹkan bí 60 kílò. Fóòmù funfun tí à bá fi ṣe é kò tó kílò 2. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jọ gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì rí bó ṣe ń fa apá.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń ya àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu. Tí ẹ bá sọ fóòmù funfun sẹ̀ǹtímítà 5 di 10, yìnyín ò ní dín kù sí ìdajì. Á lọ láti kílò 9 sí nǹkan bíi 5 àti díẹ̀. Ìdí ni pé bí ògiri kúlà kékeré ṣe ń nípọn sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ìta rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, ooru sì ń rí ojú tó pọ̀ sí i wọlé. Nínú yàrá, èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Nínú kúlà, ó ń hàn gan-an, ìdí nìyẹn tí fóòmù ìyeyè fi wúlò jù lọ nínú ohun tó bá kéré.

Àmọ́ gbogbo iye tí mo kà yẹn, ti gbígbẹ ni. Iye ti omi fúnra rẹ̀ jẹ́ 0.6. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.025 ti afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan, ẹ ó rí i pé ibikíbi tí omi bá ti lé afẹ́fẹ́ kúrò, ooru ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìlọ́po 24. Ẹ ò nílò kí ògiri kún fún omi kí ẹ tó pàdánù. Díẹ̀ tó so hóró kan pọ̀ mọ́ èkejì ti tó.

Níbo wá ni omi ti ń wá? Ẹni tó bá rí omi nínú ògiri kúlà á rò pé yìnyín tó yọ́ ló jò wọ ibẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, mo sì máa ń yẹ inú kúlà wò fún un. Àmọ́ nínú kúlà tí mo là sílẹ̀ yìí, páànù inú rẹ̀ ò lu rárá, mo fi omi kún un mọ́jú, ẹ̀kán kan ò jò. Láti ìta ni omi ti wọlé, ó sì wọlé láìjẹ́ omi. Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gbé ọ̀rinrin tí ojú ò rí dání, ọ̀rinrin náà sì máa ń tì lọ síbi tó bá tutù. Tí ìwọ̀n ooru ìta bá jẹ́ 32, tí afẹ́fẹ́ sì gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ọ̀rinrin tó lè gbé, agbára tó fi ń tì wọlé á tó ìlọ́po márùn-ún ti ọ̀rinrin inú kúlà tó wà ní 2. Ó ń gba ojú pákó wọlé, ó ń gba ojú ìṣó, ó ń gba ibi tí pákó méjì ti pàdé, tọ̀sán-tòru.

Afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di omi tó bá dé ibi tí ìwọ̀n ooru ti jẹ́ 27. Nínú ògiri mi tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí ìta rẹ̀ jẹ́ 32 tí inú rẹ̀ jẹ́ 2, ibi tó ti di 27 kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀ lọ láti ìta. Láti ibẹ̀ wọnú, gbogbo ògiri ló ti tutù tó láti sọ ọ̀rinrin di omi. Bí ife omi tútù ṣe máa ń làágùn lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni inú ògiri náà ń làágùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa nù ún.

Àṣìṣe tí mo ṣe nìyí, mo sì ti rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Mo ta náílọ́ọ̀nù mọ́ inú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìnyín, torí mo ń sá fún omi yìnyín. Mi ò ta nǹkan kan sí ìta. Ọ̀rinrin gba ìta wọlé, ó gba inú ìyẹ̀fun kọjá, ó kan náílọ́ọ̀nù tútù, ó di omi, ó sì ṣàn lọ sísàlẹ̀. Náílọ́ọ̀nù tí mo fi dáàbò bo ìyẹ̀fun ló há omi mọ́ ọn lára. Ẹ̀gbẹ́ tó gbóná, ìyẹn ìta, ni ìdènà ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ wà. Tó bá wà níbẹ̀, ibi tó wà á gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rinrin ò fi ní di omi lára rẹ̀, kò sì ní ráàyè wọlé. Náílọ́ọ̀nù tó nípọn, ti mílímítà 0.2, dára, èyí tí wọ́n lẹ álúmíníọ́ọ̀mù mọ́ tún dára jù ú lọ. Kí ibi tí ọ̀kan ti gun orí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí téèpù wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi sílíkóònì dí ojú gbogbo ìṣó. Kúlà tí a ń rọ yìnyín sí ṣì nílò páànù tí omi ò lè gbà kọjá nínú o. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: inú ń dènà omi tó ń ṣàn, ìta ń dènà ọ̀rinrin tí ojú ò rí.

Pẹ̀lú ohun tí a ti mọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mi ò kórìíra ìyẹ̀fun pákó. Ní ọdún 1833, oníṣòwò yìnyín kan ní Bọ́sítìnì, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Frederic Tudor kó nǹkan bí 180 tọ́ọ̀nù yìnyín sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kòlíkátà ní Íńdíà, oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò lójú omi, nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù ló sì débẹ̀. Ìyẹ̀fun pákó wà lára ohun tó jẹ́ kí òwò yìnyín rẹ̀ ṣeé ṣe. Àmọ́ òkìtì ńlá ni yìnyín náà, ìyẹ̀fun ò sì fi bẹ́ẹ̀ ná an lówó. Nínú kúlà kékeré, ìyẹ̀fun ń mu omi, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kòkòrò ń wọ̀ ọ́, ó sì ń jẹrà. Ibi tí mo ti fara mọ́ ọn ni ògiri yàrá tó dúró sójú kan, tí àyè pọ̀ níbẹ̀, tí òkè ògiri sì ṣeé ṣí kí ẹ lè máa fi kún un. Ẹ kọ́kọ́ sá a títí tí kò fi ní dì pọ̀ lọ́wọ́ mọ́, ẹ po lẹ́búlẹ́bú láìmù funfun díẹ̀ mọ́ ọn nítorí kòkòrò, ẹ máa rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣí òkè wò lóṣooṣù. Ẹ má fi sí abẹ́ ilẹ̀ yàrá láé, ibẹ̀ lomi ń lọ.

Fóòmù funfun ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ yàrá kékeré fúnra rẹ̀. Ẹ wo yàrá tí inú rẹ̀ jẹ́ mítà 2 gígùn, 2 fífẹ̀, 2 gíga. Sẹ̀ǹtímítà 10 fóòmù ìyeyè á jẹ́ kí ooru tó ń gba ògiri wọlé jẹ́ nǹkan bí 200 wáàtì. Sẹ̀ǹtímítà 15 fóòmù funfun á ṣe ohun kan náà. Nínú yàrá, ta ni sẹ̀ǹtímítà 5 máa dùn? Ẹ má fi síìtì kan tó nípọn ṣe é. Ẹ fi ìpele mẹ́ta ti sẹ̀ǹtímítà 5 ṣe é, kí ojú ibi tí síìtì ti pàdé nínú ìpele kan má bá ti ìkejì ṣe déédéé, kí afẹ́fẹ́ má lè rí ọ̀nà tààrà gbà.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣẹ́ igun kékeré kan kí ẹ sì wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. Tí hóró rẹ̀ bá ya sí méjì, ó lẹ̀ dáadáa. Tí hóró bá kàn ń yọ lódindi bí ẹni ṣẹ́ àgbàdo, tí wọ́n ń tú sílẹ̀ lọ́wọ́ yín, kò lẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn sì ni omi máa gbà. Ní ti ilẹ̀ yàrá, ẹ béèrè èyí tó le, tó wúwo tó nǹkan bíi 30 kílò ní mítà kúbíìkì kan. Ti ògiri lè jẹ́ 20. Ẹ ṣọ́ra fún gúlù o. Gúlù tó ń rùn bí bẹntiróòlù máa ń jẹ fóòmù funfun bí ìgbà tí iyọ̀ bá bọ́ sómi. Ẹ kán an sórí àfọ́kù kan, ẹ dúró díẹ̀, ẹ ó rí kòtò tó máa gbẹ́.

Fóòmù ìyeyè ni mo fi ń ṣe gbogbo kúlà báyìí, agbára rẹ̀ nìkan sì kọ́ ni ìdí. Kẹ́míkà méjì tí a pò pọ̀ tí a dà sáàárín ògiri máa ń wú, á kún gbogbo igun, á sì lẹ̀ mọ́ inú àti ìta. Kò sí ojú ibi tí síìtì ti pàdé, ògiri náà á sì di odidi kan tó le. Ẹni tó bá fẹ́ dà á gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó lágbára: tí ẹ ò bá fi pákó ti ògiri lọ́tùn-ún lósì, á ti í wú síta. Ẹ máa dà á lábala-lábala, torí ó ń gbóná bó ṣe ń wú, èyí tó bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan lè jó láti inú. Ọ̀kan nínú kẹ́míkà méjèèjì, tó ń jẹ́ áísósáyánéètì, ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà ẹ lo ìbòmú tó wà fún kẹ́míkà, kì í ṣe aṣọ lásán, kí ẹ sì ṣe é níta gbangba. Fóòmù méjèèjì ló ń gbiná, èéfín wọn sì lè pani, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ níhòòhò nínú yàrá.

Tó bá ti gbẹ, ẹ fi ìka kan ògiri náà yí ká. Ibi tó kún á dún gbọ̀ngbọ̀n, ibi tí fóòmù ò dé á dún bí agolo òfìfo. Ẹ má gbàgbé ìdérí. Mo ti la ìdérí kúlà tí wọ́n rà rí, òfìfo ni, kò sí fóòmù kankan nínú rẹ̀.

Arábìnrin kan na ọwọ́ sókè. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kúlà tèmi ti wà nílé láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò sì fẹ́ là á. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá omi ti wọ inú ògiri rẹ̀?”

Ìbéèrè tó dára gan-an ni, màmá. Ẹ kó yìnyín kílò 10 sínú rẹ̀, kí ẹ dé e fún wákàtí mẹ́fà kí ògiri kọ́kọ́ tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ da gbogbo omi inú rẹ̀ nù, ẹ tún dé e, ẹ má ṣí i fún wákàtí mẹ́fà mìíràn. Omi tó bá yọ́ láàárín wákàtí mẹ́fà kejì yẹn ni kí ẹ wọ̀n. Nínú kúlà tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, fóòmù funfun sẹ̀ǹtímítà 5 tó gbẹ á fún yín ní lítà 2 àti díẹ̀. Ẹ kọ iye tẹ̀yin sílẹ̀, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ní ọjọ́ tí ooru rẹ̀ bá dọ́gba. Tí iye náà bá ti lọ sókè, tí rọ́bà ìdérí ò sì ní ẹ̀bi, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó tutù jù lọ lára ògiri níta, tàbí ibi tó ń làágùn nígbà tí ibi yòókù gbẹ. Ibẹ̀ ni omi wà.

Tó bá jẹ́ síìtì tó ṣeé yọ ni, ìwọ̀n á sọ fún yín kíá. Síìtì fóòmù funfun tó gùn ní mítà 1.2, tó fẹ̀ ní 0.6, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, tó sì jẹ́ irú èyí tó jẹ́ 20 kílò ní mítà kúbíìkì kan, kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 720 lọ. Lóṣù tó kọjá mo yọ irú rẹ̀ kan nínú ògiri yàrá kan tí wọn ò ta náílọ́ọ̀nù sí ìta rẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun nini, kò sí ohun tó fi yàtọ̀ sí tuntun. Nígbà tí mo gbé e sórí ìwọ̀n, kílò 3 ló wọ̀n.